Àdákẹ́ Kì Í Ṣe Àrokò

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi ìpàdé àwọn ọ̀dọ́ Yorùbá ní Kubwa, Àbújá, ní Sátidé tó kọjá nìyí. Àwọn tí ò ráyè wá ní kí n gbé e síbí, mo sì kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, àfi ibi tí jẹnẹrétọ̀ ti dá wa dúró.

Ẹ káàsán o. Mo kí alága wa, mo kí ẹ̀yin bàbá àti ìyá tẹ́ ẹ jókòó níwájú, tẹ́ ẹ ń wò mí pé kí ni obìnrin yìí fẹ́ wá sọ nípa ìfẹ́ orí fóònù lójú àgbà. Ẹ má bínú sí mi, àwọn ọmọ yín ló pè mí. Mo kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá láti Lugbe, láti Nyanya, láti Mararaba, ẹ kú gósíló. Mo kí ẹ̀yin àgùnbánirọ̀ tẹ́ ẹ wọ kàkí wá síbi jíjẹ mímu, a rí yín o, oúnjẹ ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè kan kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ta ló wà níbí tó ti bá ẹnì kan pàdé lórí áàpù, Tinder ni o, Bumble ni o, èyí tó wù kó jẹ́, tẹ́ ẹ jọ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ń dùn, ó di ọjọ́ kan, ẹni náà pòórá? Kò jà, kò ní kò wu òun, kò sọ pé ó dàbọ̀. Ó kàn dákẹ́. Ẹ nawọ́. (Ọwọ́ pọ̀.) Ẹ ò rí i. Àwọn kan ò nawọ́ nítorí pé mọ́mì wọn jókòó níwájú, mo mọ̀ yín. (Ẹ̀rín.)

Ohun táwọn èèyàn ń pè ní gósìtì nìyẹn. Mi ò wá kọ́ yín bẹ́ ẹ ṣe máa rí ọkọ tàbí ìyàwó lórí fóònù, ẹlòmíì lẹ máa pè fún ìyẹn. Ìdákẹ́ yẹn nìkan ni mo bá wá, ohun tó máa ń ṣe fún orí èèyàn, àti bẹ́ ẹ ṣe lè gbà kó kọjá lára yín láì jẹ́ pé ó gé nǹkan lọ lára yín.

Ẹ jẹ́ ká ti ilé bẹ̀rẹ̀. Láyé àtijọ́, kí lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn baba wa ní àrokò. Ọmọkùnrin tó bá rí ọmọge tó wù ú lè fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí i. Ẹfà. Ẹ gbọ́ “fà” tó wà nínú ẹ̀: ọkàn mi fà sí ọ. Tí ọ̀rọ̀ náà bá wọ ọmọge lára, á fi ẹyọ mẹ́jọ dá a lóhùn. Ẹ̀jọ: ọ̀rọ̀ wa jọra, bó ṣe ń ṣe ọ́ náà ló ń ṣe mí. Ẹ ò rí i pé àwọn baba wa náà mọ ṣáàtì! (Àtẹ́wọ́.)

Ẹ wá wo ohun tó ń jẹ́ kí àrokò ṣiṣẹ́. Ẹnì kan wà tó fi í ránṣẹ́. Nǹkan kan wà nínú ẹ̀ téèyàn lè fọwọ́ kàn, téèyàn lè kà. Tọ̀tún tòsì ló sì ti mọ ìtumọ̀ ẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó ń méfò. Ìdákẹ́ orí fóònù ńkọ́? Ta ló fi í ránṣẹ́? Ẹyọ mélòó ló wà nínú ẹ̀? Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àpò òfìfo ni. Síbẹ̀ ẹ̀ ń tú àpò òfìfo, ẹ̀ ń ka ẹyọ tí ò sí, ẹyọ kìíní ní mi ò rẹwà, ẹyọ kejì ní owó mi ò tó, ẹyọ kẹta ní mo ti ń dàgbà jù. Ta ló kó àwọn ẹyọ yẹn sí i? Ẹ̀yin fúnra yín ni. Ọwọ́ ara yín lẹ fi kọ lẹ́tà, ẹ wá jókòó tì í, ẹ̀ ń kà á pé ẹlòmíì ló kọ ọ́.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa padà sí i.

Ohun tó kàn: kí ló dé tó fi ń dunni tó bẹ́ẹ̀? Torí àwọn kan máa sọ pé ẹni tẹ́ ò tiẹ̀ tíì fojú rí, kí ló kàn yín pẹ̀lú ẹ̀. Ẹ má dá wọn lóhùn. Onímọ̀ kan wà ní Amẹ́ríkà, Kipling Williams lorúkọ ẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó jókòó sí páàkì òun pẹ̀lú ajá ẹ̀, àwọn ọkùnrin méjì kan ń ju àwo pílásítíìkì síra wọn nítòsí ẹ̀, àwo náà wá bọ́ sí ẹ̀yìn ẹ̀, ó dìde, ó jù ú padà sí wọn. Wọ́n jù ú sí i, òun náà jù ú padà, ó ti ń gbádùn ẹ̀, àfi bí wọn ò ṣe jù ú sí i mọ́. Wọn ò sọ pé ó tó o, wọn ò bú u, wọ́n kàn padà sí àwọn méjèèjì. Ó ní ó ya òun lẹ́nu bó ṣe dun òun tó. Àwọn tí ò mọ̀ rí! Eré ìṣẹ́jú díẹ̀!

Ọkùnrin yìí wá lọ ṣe irú eré yẹn sórí kọ̀ǹpútà, ó pè é ní Cyberball. Wàá rí àwọn méjì kan lórí ẹ̀rọ, wọ́n á ju bọ́ọ̀lù sí ọ lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà wọn ò ní jù ú sí ọ mọ́. Lọ́dún 2000, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde nípa ẹ̀, àwọn tó lé ní 1,400 ló ṣeré náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bí wọ́n bá ṣe pa èèyàn tì tó ni inú ẹ̀ máa ń bà jẹ́ tó. Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ gan-an ni ti 2004. Òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sọ fún àwọn kan gbangba pé kì í ṣe èèyàn lẹ ń bá ṣeré o, kọ̀ǹpútà lásán ni. Kọ̀ǹpútà! Ó ṣì dùn wọ́n. Ó dùn wọ́n tó ti àwọn tó rò pé èèyàn ló pa àwọn tì.

Ẹ̀yin ará mi, tí kọ̀ǹpútà tí ò ní ojú, tí ò ní inú, bá lè pa èèyàn tì kó dùn ún, a jẹ́ pé ìrora yẹn ò mọ nǹkan kan nípa yín. Bí agogo iná tó ń ké ni, tí èéfín ẹran sísun bá kàn án á ké, tí ilé bá ń jó náà á ké, igbe kan náà ni. Torí náà ẹ má bá ara yín jà pé kí ló dé tó fi ń dùn mí. Á dùn. Ẹ ṣáà má gbà á gbọ́ pé bó ṣe dùn tó yẹn ló fi hàn pé nǹkan kan ń ṣe yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọkùnrin kan fún yín. Mo ti gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀, mo sì ti yí àwọn nǹkan kan padà, ẹ má wojú ara yín. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, Kubwa níbí ló ń gbé, iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe. Ó bá ọmọbìnrin kan pàdé lórí áàpù, ọmọbìnrin náà wà ní Gwarinpa, ọmọ Yorùbá ni, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí inú ẹ̀ dùn jù torí ẹ̀yin náà mọ̀ pé ní Àbújá yìí èèyàn lè wá ọmọ Yorùbá títí lórí áàpù kó máà rí. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi sọ̀rọ̀. Wọ́n bọ́ sí WhatsApp. Ọmọbìnrin fúnra ẹ̀ ló ní kí wọ́n lọ jókòó ní Jabi, lẹ́bàá omi, kí wọ́n jẹ ẹja. Ní Fúráìdè, ọmọkùnrin kọ̀wé pé, “Ṣé aago mẹ́rin ọ̀la dáa?” Tíìkì méjì, aláwọ̀ eérú. Ó dúró. Sátidé kọjá. Sọ́ńdè kọjá.

Nígbà tó máa fi di Mọ́ńdè, ó ti fá irùngbọ̀n ẹ̀. (Ẹ̀rín.) Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó fá a. Ó yí gbogbo fọ́tò ẹ̀ padà. Ó ń wo eyín ẹ̀ nínú dígí. Ó wọ WhatsApp ọmọbìnrin náà láàárọ̀, lọ́sàn-án, lóru, ó ń wò ó bóyá ó wà lórí ìlà. Oṣù méjì gbáko lẹ́yìn ìyẹn, tó bá bá ẹnì kan pàdé lórí áàpù, kì í lè kọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ sí i. Ó ní kí lòun fẹ́ kọ, ṣebí wọ́n á tún dákẹ́ náà ni. Ẹ wò ó, ìdákẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ti jẹ oṣù méjì.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, mi ò bá a sọ̀rọ̀ ìyànjú, ọ̀rẹ́ ẹ̀ ti fi ìyànjú pa á tẹ́lẹ̀. Ìwé kan ni mo fún un, mo ní kó fa ìlà sáàárín ẹ̀. Apá òsì, kó kọ ohun tó rí. Apá ọ̀tún, kó kọ ohun tó fi kún un. Òfin kan péré ni mo fún un: apá òsì, ohun tí ẹlòmíì tó bá gba fóònù ẹ̀ lè fojú ara ẹ̀ rí nìkan ni o.

Ó kọ apá òsì, ìlà mẹ́rin ló gbà. Ìgbẹ̀yìn tó kọ̀wé sí mi, alẹ́ Tọ́sìdeè. Mo kọ̀wé ní Fúráìdè. Tíìkì méjì. Kò sí èsì. Ó parí. Apá ọ̀tún kún títí ó fi ní kí n fún òun ní ìwé mìíràn. Ó rí mi pé mi ò ga. Ó ti bá ẹni tó lówó jù mí lọ pàdé. Ó fọ̀rọ̀ mi han àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Nínú ìlà mẹ́rin tó wà lósì yìí, èwo ló sọ pé o ò ga?” Ó dákẹ́. Òun náà wá gósìtì mi níbẹ̀! (Ẹ̀rín.)

Mo wá ní kó kọ gbogbo ohun tó lè mú kí ìlà mẹ́rin yẹn rí bẹ́ẹ̀, kò gbọdọ̀ jẹ́ nípa òun. Ibí ni Àbújá ti ràn wá lọ́wọ́, torí ìlú tí èèyàn ń kọjá ni ìlú yìí. Àgùnbánirọ̀ á parí ọdún kan, á di ẹrù ẹ̀, á gba ilé lọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba, wọ́n á fún un ní ìwé pé kó máa lọ sí Lafia. Ẹnì kan wọ wáń ṣáàǹsì ní Berger, fóònù lọ. Ẹnì kan ní àfẹ́sọ́nà ní Ìbàdàn tí wọ́n ń jà, wọ́n wá parí ìjà. Ẹnì kan sọ fún ìyá ẹ̀, ìyá ní ẹ̀sìn ò pa pọ̀. Ẹnì kan kàn ń wo áàpù nítorí pé iná ò sí, iná wá dé. Ó kọ mẹ́sàn-án. Mo ní èwo ló jẹ́ òótọ́? Ó ní òun ò mọ̀. Mo ní o ṣeun, ìyẹn ni òótọ́ àkọ́kọ́ tó o sọ láti oṣù méjì.

Tíìkì yẹn náà, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ díẹ̀, torí ó ń pa yín lára ju bó ṣe yẹ lọ. Tíìkì kan túmọ̀ sí pé ó ti kúrò lọ́dọ̀ yín, kò tíì dé fóònù ẹ̀. Fóònù lè kú, dátà lè tán, ó sì lè jẹ́ pé ó ti búlọ́ọ̀kù yín, WhatsApp ò ní sọ èyí tó jẹ́ fún yín, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Tíìkì méjì eérú, ó ti dé fóònù ẹ̀. Ó lè tiẹ̀ ti kà á, torí èèyàn lè pa tíìkì búlúù yẹn. Lórí Tinder, tí gbogbo ṣáàtì bá pòórá lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè yọ yín kúrò, ó lè pa àkáǹtì ẹ̀ rẹ́, àwọn tó ni áàpù sì lè lé e. Ojú kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa rí lọ́dọ̀ yín. Àwọn baba wa ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Fóònù ò ní ojú, tíìkì ni wọ́n fi sí i.

Ó yẹ kí n tún sọ ti ẹ̀gbẹ́ kejì, torí ẹ̀yin tó ń gósìtì èèyàn wà níbí, mo rí bí ẹ ṣe ń wolẹ̀. Ọmọbìnrin kan ní Lugbe sọ fún mi pé tẹ́lẹ̀ òun máa ń sọ ọ́ pé, “Ẹ má bínú, kò wù mí.” Ó ní ọkùnrin kan ló dá òun lóhùn pé ṣé ó rò pé ó rẹwà ni, èkejì pe òun ní ìgbà mọ́kànlá lóru ọjọ́ kan. Láti ìgbà yẹn ó ń dákẹ́. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó tẹ̀lé àwọn wọ̀nyẹn, ọmọ gidi, ọmọ onírẹ̀lẹ̀, òun náà gba ìdákẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n fi dákẹ́ fún un, ẹlòmíì ló dá a. Mi ò ní ó dáa o. Mo kàn ń sọ ibi tó ti ń wá ni.

Ọ̀rọ̀ tó kàn gbọdọ̀ yé wa dáadáa: ìdákẹ́ ò dọ́gba. Ẹ bi ara yín pé, nígbà tí ẹni yìí dákẹ́, kí ló ti mọ̀ nípa mi? Ẹni tẹ́ ẹ bá pàdé lórí áàpù tí kò tíì kọ nǹkan kan, fọ́tò mẹ́rin ló mọ̀. Lórí Bumble, èyí tí wọ́n ṣe kí obìnrin lè máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, wákàtí mẹ́rìnlélógún ni wọ́n fún un, tó bá kọjá, ó ti lọ nìyẹn. Ẹnì kan lè sùn gbàgbé níbi iṣẹ́ alẹ́, ẹ̀yin á wá pè é ní ìkọ̀sílẹ̀. Ẹni tẹ́ ẹ ti jọ ṣáàtì fún ọ̀sẹ̀ kan, fọ́tò mẹ́rin àti bẹ́ ẹ ṣe ń kọ̀wé ló mọ̀. Kò mọ bẹ́ ẹ ṣe ń rẹ́rìn-ín, kò mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ̀ ń san owó ilé ìwé àbúrò yín. Báwo ló ṣe fẹ́ kọ ohun tí kò mọ̀? Ọmọkùnrin mi yẹn, a jọ ka ti oṣù mẹ́ta lórí fóònù ẹ̀. Mẹ́tàlélógún ló bá pàdé. Mẹ́sàn-án ò sọ̀rọ̀ rárá, mẹ́jọ sọ̀rọ̀ ọjọ́ kan sí méjì, mẹ́rin dé WhatsApp, àwọn méjì péré ló fojú rí. Ẹ má fi ti ẹ̀ ṣe òfin. Ṣùgbọ́n òun tó ti ń sọ pé gbogbo obìnrin Àbújá ló kọ òun, nígbà tó ka ẹyọ ẹ̀ dáadáa, àwọn tó mọ̀ ọ́n dé ibi tí wọ́n ti lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, méjì ni. Ọ̀kan nínú wọn ṣì ń kí i.

Ẹni tẹ́ ẹ ti jọ jáde fún oṣù mẹ́rin, tó ti jẹun nílé yín, tó wá pòórá, ìyẹn ò sí nínú ohun tí mò ń sọ o. Ìyẹn ìbànújẹ́ ni, ẹ sunkún ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ pe ọ̀rẹ́ ẹ̀ tàbí ẹbí ẹ̀ ná, kẹ́ ẹ mọ̀ pé kò sí nínú ewu. Tí oorun bá sì ti dá fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí oúnjẹ ò lọ mọ́, ẹ lọ rí dókítà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú.

Ó dáa, kí lèèyàn á wá ṣe? Ẹ fi ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ mẹ́sééjì kan, kan ṣoṣo. Àṣírí tó wà nínú ẹ̀ rèé: kò gbọdọ̀ ní ìbéèrè nínú. Ìbéèrè ló ń jẹ́ kẹ́ ẹ máa dúró de èsì. Èyí tí ọmọkùnrin yẹn kọ rèé, ó ní kí n kà á fún yín: “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ wa ti dákẹ́, kò sí wàhálà. Mo gbádùn ọ̀rọ̀ wa, pàápàá ìtàn ewúrẹ́ ìyá àgbà yín. Ó dàbọ̀.” Ẹ ò rí i? Kò bẹ̀bẹ̀, kò bú u, ẹni tó bá ní ìdí gidi lè gba ibẹ̀ wọlé padà, ẹni tí kò bá ní, ọ̀rọ̀ ti parí lẹ́nu ẹ̀yin. Tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, ẹ gbé ṣáàtì náà lọ sí ákáìfù kójú yín má máa bá a pàdé láràárọ̀. Ẹ má wo ìgbà tó wọlé gbẹ̀yìn mọ́. Ẹ má fi nọ́ńbà ọ̀rẹ́ yín yọjú wò ó. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ̀ ń ṣí èépá egbò, ẹ̀ ń wò ó bóyá ó ti jinná.

Ọmọbìnrin yẹn ò dáhùn. Títí dòní, ọmọkùnrin wa ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín pé ó padà mọ̀ ọ́n.

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ èyí, kẹ́ ẹ má lọ fi ọ̀rọ̀ mi ṣe ìbòmọ́lẹ̀. Ìdákẹ́ ẹnì kan ò sọ nǹkan kan. Ìdákẹ́ ẹni mẹ́wàá, tí gbogbo wọn dákẹ́ síbi kan náà, ó lè sọ nǹkan nípa ohun tẹ́ ẹ̀ ń kọ. Ẹ padà ka ṣáàtì náà bí ẹni ń ka ti ẹlòmíì. Ṣé ìgbà tẹ́ ẹ béèrè nọ́ńbà ní ìṣẹ́jú karùn-ún ni? Ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń bèèrè ìbéèrè bíi ti ọlọ́pàá, àbí wọ́n bi yín, ẹ fi “hmm” dáhùn? Ìyẹn ṣeé tún ṣe. Irùngbọ̀n ò sí níbẹ̀.

Mo gbọ́ ìró abọ́, ìbéèrè kan péré ni mo lè gbà. Arábìnrin tó wọ àǹkárá elésèé àlùkò yẹn, ẹ dìde.

Ó ní, “Àǹtí, tó bá wá padà lẹ́yìn oṣù méjì ńkọ́, tó kàn kọ ‘báwo ni’ bíi pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀?”

Mo ní ẹni tó ní ìdí gidi máa ń gbé ìdí ẹ̀ dání wá, èèyàn ò ní bèèrè kó tó sọ ọ́. Tí kò bá gbé e wá, tó sì ṣì wù yín, ẹ bi í lẹ́ẹ̀kan, ẹ wo bó ṣe máa dáhùn. Tó bá fi àwàdà bò ó, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn. Tí ọ̀rọ̀ owó bá sì tẹ̀lé “báwo ni” yẹn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ sá.

Ó ní, “Ẹ ṣeun mà. Àárọ̀ yìí ló kọ ọ́.”

Gbogbo ilé pariwo. Mo ní kó gbé fóònù wá. Òótọ́ ni, “báwo ni” àti òdòdó kan. A jọ kọ èsì níbẹ̀, ìlà kan: “Mo wà dáadáa. Ó tó oṣù méjì, kí ló ṣẹlẹ̀?” Ó tẹ̀ ẹ́, ó ti fóònù sínú báàgì, ó lọ to sórí ìlà ìrẹsì.